Ọwọ́ Ta Ló Ṣe É? Òṣìṣẹ́ Ọba Tó Ń Lọ sí Iléeṣẹ́ Aládàáni

Nínú iṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ wa, ipò kan wà tí wọ́n ń pè ní Ṣíìfù Ẹgisẹ́kútíìfù Ọ́físà. Ìpele 14 ni. Ẹni tó wà níbẹ̀ ní ọ̀gá, ọ̀gá rẹ̀ náà ní ọ̀gá, kò sì lè dá ra páálí bébà kan láìjẹ́ pé ẹnìkan fọwọ́ sí fáìlì. Ní iléeṣẹ́ aládàáni, ẹni tó ga jù lọ ni wọ́n ń fi orúkọ kan náà pè, ẹni tí kò sí aláṣẹ kankan lórí rẹ̀ àfi ìgbìmọ̀ àwọn olùdarí. Bí òṣìṣẹ́ ọba bá wá kọ oyè yìí sórí ìwé ìtàn iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní síífíì, tó fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tó ń ṣe bisikíìtì, ọ̀kan nínú nǹkan méjì lẹni tó gbà á máa rò: yálà irọ́ ni, tàbí pé ẹni náà ti ga kọjá iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbé fún un. Èyíkéyìí tó bá rò, wọn ò ní pè é.

Àwọn oyè tó kù náà ń fa irú ìdàrúdàpọ̀ yìí. Bí a bá kọ Pírínsípà, ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n máa rò. Bí a bá kọ Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ Iṣẹ́ Àgbàṣe, wọ́n á rò pé ẹni tó ń tẹ lẹ́tà ni, bẹ́ẹ̀ òun ló ń to ìwé àwọn agbaṣẹ́ṣe kí ìgbìmọ̀ tó jókòó lé e. Ìpele pàápàá kì í yé wọn. Ìpele 01 sí 17 tí à ń lò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àbọ̀ ìgbìmọ̀ Jerome Udoji ní 1974, èyí tí àwọn àgbà wa ṣì ń rántí nítorí owó Udoji tó tẹ̀ lé e. Nínú rẹ̀, kò sí ìpele 11 fún àwọn òṣìṣẹ́ wa. Láti 10 ni èèyàn ti ń bọ́ sí 12. Mo ti rí ẹni tó ń gbani síṣẹ́ tó rò pé olùwáṣẹ́ kan fo ìpele kan nítorí pé ó gbọ́n ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìgbéga fúnra rẹ̀ ní iye ọdún tí èèyàn gbọ́dọ̀ dúró kó tó kàn án: ọdún 3 láti ìpele 07 dé 14, ọdún 4 lókè rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ ọ́ pé wọ́n gbé òun ga lẹ́ẹ̀mẹrin ò tíì sọ ju pé òun pẹ́ níbẹ̀ lọ, àfi tó bá fi ìdánwò tó yege kún un.

Èmi náà ti jókòó sí Sẹkitéríàtì Agodi ní Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó bọ́ sí iléeṣẹ́ aládàáni. Lónìí, mo wà lára àwọn tó ń ka ìwé àwọn tó ń wáṣẹ́, ìwé àwọn òṣìṣẹ́ ọba sì máa ń pọ̀ nínú wọn. Ohun tí mo rí ni pé oyè kọ́ ni ìṣòro tó tóbi jù. Èèyàn lè ṣàlàyé oyè ní gbólóhùn kan. Ìṣòro gan-an ni pé iṣẹ́ ọba ti kọ́ wa láti fi ọwọ́ ara wa pamọ́.

Ẹ wo bí a ṣe ń kọ lẹ́tà. "Wọ́n pa á láṣẹ fún mi láti fi tó yín létí pé." Ta ló pàṣẹ? A kì í sọ. Òṣìṣẹ́ kékeré ló ṣe ìwádìí, òun ló kọ ìmọ̀ràn sínú fáìlì, olùdarí kín in lẹ́yìn, Akọ̀wé Àgbà fọwọ́ sí i, kọmíṣọ́nà ló sì lọ sọ ọ́ lórí rédíò. Ìdí wà tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìjọba ń lọ, ìjọba ń bọ̀. Òṣìṣẹ́ tó máa sin gbogbo wọn kò gbọdọ̀ di gbajúmọ̀ lábẹ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Olóṣèlú ló ń gba ìyìn, òun náà ló ń gba èébú. Ètò tó dára ni fún ìlú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogún ọdún nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà "mo" á ti ṣòro lẹ́nu. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó fẹ́ gba èèyàn síṣẹ́ ò lè gba gbogbo àgbájọ náà. Ọwọ́ kan ló fẹ́ sanwó fún.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, tí mo ṣà jọ láti ara ìwé ọ̀pọ̀ èèyàn. Obìnrin kan wà ní ilé-iṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀ kan. Sítọ́ọ̀ oògùn ló ń tọ́jú, ó sì fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń pín oògùn fún àwọn ilé ìtajà. Ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ nìyí:

"Pírínsípà Sítọ́ọ̀sì Ọ́físà, ìpele 12. Bíbójú tó gbígbà àti kíkójáde ọjà sítọ́ọ̀. Títọ́jú lẹ́jà àti táálì káàdì. Ríran Bọ́ọ̀dù Sọ́féè lọ́wọ́ ní òpin ọdún. Àti iṣẹ́ mìíràn tí àwọn aláṣẹ bá yàn."

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Inú ìwé tí ọ́fíìsì fi pín iṣẹ́ fún un ló ti dà á kọ, ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sórí àga yẹn ṣáájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀ lè fi orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Àga ló kọ nípa rẹ̀, kò kọ nípa ara rẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́rin ni mo máa ń bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó tó tún nǹkan kan kọ. Kí ló wà ní ìkáwọ́ ẹ, nínú èèyàn, ọjà àti owó? Ta ló ń dúró dè ọ́, báwo ló sì ṣe máa ń yá sí? Kí lo lè dá ṣe láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni? Bí o bá ní o ṣe nǹkan kan, ìwé wo ló máa jẹ́rìí sí i?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ rọrùn. Òṣìṣẹ́ 9 ló wà lábẹ́ rẹ̀. Oríṣi oògùn àti irinṣẹ́ 640 ló wà lórí àtẹ, iye wọn sì ń lọ bíi ₦84 mílíọ̀nù. Ìkejì náà rọrùn: ilé ìwòsàn 31 ló ń dúró dè é lóṣooṣù. Kò kọ ìkankan nínú rẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ nítorí pé, nínú èrò tirẹ̀, ìjọba ló ni ọjà, ìjọba ló ni òṣìṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí ní iléeṣẹ́ aládàáni náà ò ni ọjà tó ń tọ́jú. Kò sẹ́ni tó ní kó sọ pé tòun ni. Wọ́n fẹ́ mọ bó ṣe pọ̀ tó ni.

Níbi ìbéèrè kẹta la ti rí ohun tó níye lórí. Nínú iṣẹ́ ọba, ìgbìmọ̀ tí a ń pè ní Bọ́ọ̀dù Sọ́féè máa ń wá ka ọjà ní òpin ọdún. Àwọn tí kì í ṣe ará sítọ́ọ̀ ni wọ́n máa ń yàn sí i. Wọ́n á fi ohun tó wà nílẹ̀ wé ohun tó wà nínú lẹ́jà, wọ́n á sì kọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún tí obìnrin yìí gba sítọ́ọ̀, ìyàtọ̀ náà jẹ́ ₦2.1 mílíọ̀nù. Lẹ́yìn ọdún 3, ó ti wálẹ̀ sí ₦420,000. Bí a bá pín in sórí ₦84 mílíọ̀nù, a jẹ́ pé nínú gbogbo ₦100 ọjà, ₦2.50 ni kò bá ìwé mu tẹ́lẹ̀. Ó wá ku 50 kọ́bọ̀.

Báwo ló ṣe ṣe é? Nǹkan méjì ni, kò sì sẹ́ni tó pa á láṣẹ fún un. Àkọ́kọ́, kò dúró de oṣù Kejìlá mọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó máa ń mú oríṣi ọjà 25, á kà wọ́n, á fi wọ́n wé káàdì ara àtẹ àti lẹ́jà, tó fi jẹ́ pé á ti ka gbogbo 640 ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì kí ọdún tó yípo. Bí nǹkan bá dín lọ́sẹ̀ yìí, ẹni tó gbé e jáde ṣì rántí. Bí ó bá di òpin ọdún, kò sẹ́ni tó máa rántí mọ́. Ìkejì, ó ní oògùn tí agbára rẹ̀ máa kọ́kọ́ parí ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde, ìbáà jẹ́ òun ló dé kẹ́yìn. Bí ó bá sì ku oṣù 3 kí agbára oògùn kan parí ní ilé ìwòsàn tí èrò ò pọ̀ sí, á kó o lọ sí ibi tí èrò ti ń rọ́ wọlé.

Ní iléeṣẹ́ aládàáni, wọ́n ní orúkọ fún kíkà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yẹn: sáíkù káùntì ni wọ́n ń pè é. Ìlànà pé kí èyí tó máa kọ́kọ́ parí kọ́kọ́ jáde náà wà lára ohun tí wọ́n máa ń béèrè níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Obìnrin yìí ti ń ṣe méjèèjì láìmọ orúkọ wọn. Orúkọ tí àwọn tó ń lọ bá ń lò yẹ kó wọ inú ìwé rẹ̀, nítorí òun ni ojú wọn máa wá kàn. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe gan-an ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé orúkọ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí ẹnikẹ́ni ló lè há orúkọ sórí.

Ìbéèrè kẹrin kò yọ ọ́ lẹ́nu. Àbọ̀ Bọ́ọ̀dù Sọ́féè ọdọọdún ló jẹ́rìí sí i, àwọn tí kì í ṣe ọmọ abẹ́ rẹ̀ ló sì kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ aládàáni ò ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Ọ́dítọ̀ tí à ń sá fún nígbà tí a wà níbẹ̀ wá di alátìlẹyìn wa nígbà tí a fẹ́ jáde.

Ó ku gbólóhùn tó kẹ́yìn nínú ìwé rẹ̀: "àti iṣẹ́ mìíràn tí àwọn aláṣẹ bá yàn." Gbogbo òṣìṣẹ́ ọba ló ní gbólóhùn yìí, a sì máa ń kà á bí ẹni pé kò ní ìtumọ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n dúró níbẹ̀ pẹ́, torí abẹ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ tó dára jù máa ń sùn sí. Nígbà tí mo bi obìnrin yìí, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ní 2020, nígbà àrùn kòrónà, òun ni wọ́n ní kó máa pín ìbọwọ́ àti ìbomú fún àwọn ibùdó ìyàsọ́tọ̀. Ohun tó ń wọlé kò tó nǹkan, gbogbo èèyàn ló ń pè lórí fóònù, òun ló sì ṣe tábìlì tó fi hàn ibi tí wọ́n máa kọ́kọ́ fún àti iye tí kò gbọdọ̀ wọ́n kù sí sítọ́ọ̀. Ìdí tí kò fi kọ ọ́ ni pé kò sí nínú ìwé ìpínṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó tún ìwé náà kọ, ó dà báyìí:

"Pírínsípà Sítọ́ọ̀sì Ọ́físà, ìpele 12, ilé-iṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀. Iṣẹ́ náà ní ṣókí: alábòójútó ilé ìkẹ́rùsí oògùn. Mo ń darí òṣìṣẹ́ 9, mo ń tọ́jú oríṣi ọjà 640, mo sì ń kó oògùn ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn 31 lóṣooṣù. Mo bẹ̀rẹ̀ sáíkù káùntì, oríṣi 25 lọ́sẹ̀. Láàárín ọdún 3, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwé àti ọjà wálẹ̀ láti 2.5 sí 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún, gẹ́gẹ́ bí àbọ̀ àwọn tó wá ka ọjà ní òpin ọdún ṣe fi hàn. Ní 2020, mo ṣètò pípín ìbọwọ́ àti ìbomú nígbà tí ọjà wọ́n. Mo ń yẹ ọjà àwọn agbaṣẹ́ṣe wò, mo sì ń dá èyí tí kò bá ìwé àṣẹ ìrajà mu padà. Ọ̀gá mi ló ń fọwọ́ sí sísan owó."

Ẹ kíyè sí i pé oyè ìjọba ò kúrò níbẹ̀. Àwọn kan máa ń yọ ọ́, wọ́n á kọ "Mánéjà Ilé Ìkẹ́rùsí" dípò rẹ̀, bí ẹni pé orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ níbẹ̀ nìyẹn. Kò dára. Bí iléeṣẹ́ bá fẹ́ gbani tán, ó máa ń kọ̀wé sí ibi tí èèyàn ti ń bọ̀. Ìjọba á wo fáìlì, á sì fèsì pé àwọn ò ní mánéjà kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, Pírínsípà Sítọ́ọ̀sì Ọ́físà ni àwọn ní. Ẹni tí kò purọ́ rárá á wá di òpùrọ́. Kí oyè dúró bó ṣe wà nínú lẹ́tà ìgbéga, kí àlàyé rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìyẹn ti tó.

Ẹ tún wo ìparí rẹ̀: "ọ̀gá mi ló ń fọwọ́ sí sísan owó." Gbólóhùn yìí ni àwọn èèyàn máa ń fẹ́ fi pamọ́, òun sì ni mo máa ń wá. Bí òṣìṣẹ́ ọba bá ti borí ìtìjú, tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ "mo", ewu tó kàn ni pé kó gba ọwọ́ ọlọ́wọ́ mọ́ tirẹ̀. Mo ti rí ìwé tó sọ pé ẹnìkan "ṣàkóso ètò ìṣúná bílíọ̀nù méjì náírà." Bí a bá wádìí, fáìlì ètò ìṣúná náà gba orí tábìlì rẹ̀ kọjá ni. Nínú iṣẹ́ ọba, ẹnìkan máa ń ṣètò ìwé, ẹlòmíràn á yẹ̀ ẹ́ wò, ẹlòmíràn á dámọ̀ràn, Akọ̀wé Àgbà tó jẹ́ olùjíhìn owó ilé-iṣẹ́ náà á sì fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, iléeṣẹ́ aládàáni sì mọ ìyàtọ̀ wọn dáadáa torí owó oṣù wọn ò dọ́gba. Ìbéèrè kan péré ló máa ń tú àṣírí rẹ̀: "Ẹ̀yin fúnra yín, mà, èló lẹ lè fọwọ́ sí láìbéèrè?" Bí ìdáhùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí, a ti mọ̀.

Ibì kan wà tí kò sí bí a ṣe lè tún ìwé kọ tó máa bo ohun tí kò sí níbẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń pín oògùn máa bi obìnrin yìí pé èló ló ń ná an láti gbé ọjà dé ilé ìwòsàn kan. Kò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe pé kò gbọ́n. Bí ìjọba ṣe ń ṣètò owó ló fà á. Owó epo wà lábẹ́ orí kan nínú ètò ìṣúná, owó ìrìnàjò awakọ̀ wà lábẹ́ òmíràn, ẹ̀ka míì ló ń tún ọkọ̀ ṣe, owó oṣù àwọn tó ń rù ú wà níbòmíràn. Kò sẹ́ni tó ń kó wọn jọ, torí náà olùtọ́jú sítọ́ọ̀ lè ṣiṣẹ́ títí dọjọ́ tó máa fẹ̀yìn tì láìmọ iye tí iṣẹ́ òun ń ná ìjọba.

Ohun tó lè ṣe ni pé kó ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó pè é. Kó mú ìrìnàjò kan. Ká ní epo, owó awakọ̀ àti owó àwọn alágbàrù jẹ́ ₦90,000, ọkọ̀ náà dé ilé ìwòsàn 6, iye ọjà tó kó sì jẹ́ ₦3 mílíọ̀nù. A jẹ́ pé ₦15,000 ni fún ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan, tàbí ₦3 lórí ọjà ₦100. Tó bá dé iwájú wọn, kó sọ pé òun ṣírò rẹ̀ ni, pé kò sí nínú ìwé ìjọba, kó sì sọ ohun tí kò kà mọ́ ọn, bíi àtúnṣe ọkọ̀. Ẹni tó mọ ohun tó sonù nínú ìṣirò ara rẹ̀ sàn lójú mi ju ẹni tó gbé iye kan kalẹ̀ tí kò lè sọ ibi tó ti rí i. Àwọn nǹkan míì wà tí kò ní lè ṣírò: kò tíì sí lábẹ́ ẹni tó ń tajà tó sì ń pariwo pé oníbàárà ń lọ, kò sì tíì lo ẹ̀rọ tí iléeṣẹ́ náà ń lò fún ọjà. Kó sọ bẹ́ẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan kù nípa iye tí èèyàn ń kọ. A ti búra láti pa àṣírí iṣẹ́ mọ́, òfin àṣírí ìjọba ti 1962 sì wà nílẹ̀. Iye tó ti jáde nínú ètò ìṣúná tí ìjọba tẹ̀ síta kì í ṣe àṣírí mọ́. Èyí tó wà nínú fáìlì nìkan, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ lo ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí kí ẹ sọ pé ó lé ní iye báyìí. Ẹ má sì ṣe gbé àbọ̀ Bọ́ọ̀dù Sọ́féè sínú àpò lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Iléeṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe á wò ó pé bí o bá gbé ìwé ọ̀gá ẹ àná wá bá àwọn lónìí, o máa gbé tàwọn náà jáde lọ́la. Kí ẹ dárúkọ ìwé náà, kí wọ́n bá ìjọba sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá fẹ́.

Bí ìwé bá ti parí, ẹ fún ẹni tí kò wọ sẹkitéríàtì rí. Kó kà á lẹ́ẹ̀kan, kó gbé e sílẹ̀, kó wá sọ nǹkan méjì fún yín: ohun tí ẹ ń ṣe, àti ibi tí agbára yín parí sí. Bí ó bá sọ ti àkọ́kọ́ tí kò lè sọ ìkejì, ìwé náà ṣì ń fọ́nnu. Bí ó bá sọ ìkejì tí kò lè sọ ti àkọ́kọ́, ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ọba.